ỌṢẸ TÓ Ń TA NI LÁRA: BÍ A ṢE Ń PE ỌJÀ PADÀ, TÍ OWÓ OLÓWÓ YÓÒ SÌ PÉ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NAFDAC figbe ta. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Bẹ́nílìn ní ṣọ́ọ̀bù má tà á mọ́, kí ẹni tó ní in nílé má sì fi fún ọmọ mu mọ́. Ẹ gbọ́ ná o, kì í ṣe gbogbo Bẹ́nílìn ayé ni wọ́n ní kí wọ́n kó wá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n dárúkọ: 329304, èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, tí ọjọ́ rẹ̀ sì máa kọjá ní oṣù kẹrin ọdún 2024 náà. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé májèlé olómi kan tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ ti pọ̀ jù nínú èyí tó ní nọ́ńbà yẹn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ kó o lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó sún mọ́ ọn.

Ìdí tí wọn kò fi fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré kò jìnnà. Irú májèlé yìí kan náà ló wọ inú oògùn eyín àwọn ọmọdé, Máì Píkìn, ní ọdún 2008. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2009, ọmọdé 84 ni ìjọba sọ pé ó ti bá a lọ. Ẹni tí iná bá ti jó rí, tó bá rí eérú, á yà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báyìí kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá tó ń se ọṣẹ, ẹni tó ń rọ epo ẹ̀pà sínú ìgò, ẹni tó ń po ìpara, ọjọ́ kan lè dé tí ọwọ́ yóò ṣì. Kí ni ènìyàn yóò wá ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tọmọdé tàgbà.

NỌ́ŃBÀ NI ÌDÍ Ọ̀RỌ̀

Ohun tí a bá pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ìkòkò kan náà, pẹ̀lú èròjà kan náà, òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní báàṣì. Ọlọ́ṣẹ lè pè é ní ìsè kan. Bí ìsè kan bá bàjẹ́, ìyẹn kò ní kí tàná àti tọ̀la bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àmì kankan lára ọjà, ta ni yóò mọ èyí tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó dára? Ọlọ́jà náà yóò kó gbogbo rẹ̀ dànù ni, tàbí kó dákẹ́, kó máa gbàdúrà. Méjèèjì ló burú.

Ká mú un pé ìyá kan wà ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá se ọṣẹ, ó máa ń fi òǹtẹ̀ kékeré tẹ nọ́ńbà sí ìdí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan: ìsè kẹẹ̀ẹ́dógún, 15, èyí tó tẹ̀ lé e, 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní ìwé kan tó fi ń kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà ìsè, ọjọ́ tó sè é, irú epo tó lò, ìwọ̀n sódà, àti orúkọ ẹni tó kó o lọ tà àti iye tó kó. Lẹ́yìn náà, ó máa ń fi ọṣẹ méjì pamọ́ nínú ìsè kọ̀ọ̀kan. Kò náwó púpọ̀. Ìwé náà àti òǹtẹ̀ náà ló gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ṣi ìwọ̀n.

ÌWỌ̀N ÀDÍN LÓRÍ EPO PUPA

Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ pé epo kọ̀ọ̀kan ló ní iye kọ́sítíìkì sódà tó lè jẹ. Kílò 20 àdín ń fẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́ta àti ìdámẹ́ta kílò. Kílò 20 epo pupa kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kílò méjì àti gírámù 700 ti tó o. Díẹ̀ ni a máa ń dín kù lára ohun tí epo lè jẹ tán, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù láti mú ọṣẹ rọ ara.

Ní ìsè kẹtàdínlógún, àdín wọ́n ní ọjà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì ra epo pupa. Kò sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà fi ìwọ̀n àdín wọn sódà, ó sì dà á sí epo pupa. Ó pò ó dáadáa, ó dì, wọ́n gé e sí 150. Lójú, ọṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, nǹkan bí ààbọ̀ kílò sódà ni kò rí epo jẹ. Ìyẹn ni pé ó lé ní gírámù mẹ́ta tó wà ní òmìnira nínú ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, tó ń dúró de awọ ènìyàn.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀? Bí a bá gé irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sí méjì, ó máa ń le, ó sì máa ń rún bíi gààrí. A lè rí ojú funfun tó tò bí okùn nínú rẹ̀, tàbí omi tó mú ọwọ́ yọ̀ tó lúgọ sí ibì kan. Bí a bá fi wẹ̀, ara á máa ta bí ẹni pé a fi ata pa á, awọ á pọ́n, ó sì lè bó. Ẹ má ṣe dàrú o: ìyẹ̀fun funfun fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo òkè ọṣẹ nìkan lè má jẹ́ nǹkan kan, afẹ́fẹ́ ló máa ń fà á. Ohun tó wà nínú lẹ́yìn tí a bá gé e ni kí a wò. Àwọn onímọ̀ ní omi àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní fẹ́nọ́fítálíìnì. Bí a bá kán an sí ojú ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó sì pọ́n fòò lójú ẹsẹ̀, sódà pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni ká lò, nítorí pé sódà ti ìta ti máa ń kú díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i.

ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́ TÍ Ọ̀RỌ̀ JÁDE

Oníbàárà kan ló kọ́kọ́ wá. Ó ní ọṣẹ bó ọmọ òun lábẹ́ apá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò bá a jà, kò sì sọ pé, "Bóyá ara ọmọ yín ni kò gbà á." Ó ní kó jẹ́ kí òun rí ọṣẹ náà. Ó yí i padà, ó rí 17 ní ìdí rẹ̀. Ó mú méjì tó fi pamọ́, ó gé wọn, ó rí ojú funfun nínú wọn. Ó ṣí ìwé, ó rí epo pupa, ó rí ìwọ̀n àdín. Ọ̀rọ̀ ti pari.

Kò dúró de àyẹ̀wò míràn kó tó dá títà dúró. Àyẹ̀wò lè máa bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọṣẹ kò gbọdọ̀ máa bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn nígbà náà. Ìwé sọ fún un pé nínú 150, méjì wà lọ́wọ́ òun, 60 wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, 48 wà lọ́dọ̀ obìnrin kan ní ọjà kejì, 24 wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin oníkíọ́sì, òun fúnra rẹ̀ sì ti ta 16 ní ẹnu ọ̀nà. Ó ṣírò wọn, ó pé. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ó gbé fóònù.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ta ọṣẹ tó ní 17 ní ìdí mọ́. Sódà pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń bó ènìyàn lára. Mélòó ló kù nílẹ̀?"

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ó ku 41. Èyí tí mo ti tà wá ńkọ́? Bí wọ́n bá dá a padà, ta ni yóò san owó wọn?"

"Èmi ni mà. Ẹ san fún wọn, mo máa san án fún yín lọ́la, pẹ̀lú èrè yín nínú rẹ̀."

Ẹ fi ọkàn sí ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpè ọjà ti máa ń bàjẹ́. Bí ẹni tó ń tà bá rò pé àpò òun ni owó yóò ti jáde, kò ní kéde fún ẹnikẹ́ni. Á rọra fi ọ̀bẹ há nọ́ńbà ìdí rẹ̀, á sì kó o lọ sí ọjà oko, kó tà á ní ẹ̀dínwó.

ÌKÉDE TÍ KÒ FI NǸKAN PAMỌ́

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì kọ ìkéde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọjà rẹ̀, wọ́n fi ohùn sọ ọ́ sórí Wáásáàpù nítorí àwọn tí kò lè kàwé, wọ́n sì bẹ Ìyálọ́jà pé kí wọ́n ké e nínú ọjà. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Ẹ MÁ LO ỌṢẸ TÓ NÍ NỌ́ŃBÀ 17 NÍ ÌDÍ MỌ́. Sódà pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lè bó ènìyàn lára, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ọṣẹ tó ní nọ́ńbà míràn kò ní ìṣòro yìí.

"1. Ẹ yí ọṣẹ yín padà, kí ẹ wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ti lò ó débi pé nọ́ńbà ti parẹ́, tí ẹ sì rà á láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí títí di àná, ẹ kà á sí 17.

"2. Ẹ dì í sínú náílọ̀n, kí ẹ so ó, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ má fún ẹlòmíràn, ẹ má sì fi fọ aṣọ tàbí abọ́.

"3. Ẹ gbé e wá sí ibi tí ẹ ti rà á, tàbí sí ilé wa. Odindi, ààbọ̀, tàbí èyí tó kù bí èékánná, gbogbo rẹ̀ la máa gbà. A kò ní béèrè ríṣíìtì.

"4. Ẹ gba ₦600 yín lójú ẹsẹ̀, owó ọṣẹ kan gbáko. Bí ẹ bá fẹ́ ọṣẹ míràn dípò owó, ẹ̀yin ni ẹ máa yàn án.

"5. Bí ó bá ti kan ara yín, ẹ fi omi tó mọ́, tó ń ṣàn, ṣan ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan pa á. Bí ó bá kan ojú, tàbí tí awọ bá bó, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì pè wá.

"A ń gbà á láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, títí òṣù tó ń bọ̀ yóò fi parí. Ẹni tó bá pẹ́ jù ú lọ, kó ṣì gbé e wá."

Orúkọ rẹ̀, ibi tí ilé rẹ̀ wà àti nọ́ńbà fóònù wà ní ìsàlẹ̀. Ó parí.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe ló kọ́kọ́ jáde, nítorí ẹlòmíràn kò ní ka ju ìlà kan lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì pe òkété ní eku ilé. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "a fẹ́ tún ọjà wa ṣe kó túbọ̀ dára" kò kéde nǹkan kan. Oníbàárà á gbọ́ ọ, á sì máa fi ọṣẹ náà wẹ ọmọ lọ. Bákan náà ni ẹni tó sọ pé "àwọn kan nínú ọṣẹ wa" láìsọ èwo: yóò lé gbogbo oníbàárà sá, èyí tó burú gan-an kò sì ní padà wá.

Ọ̀rọ̀ ríṣíìtì náà ńkọ́? Ta ló ń gba ríṣíìtì ọṣẹ ₦600 ní ọjà wa? Nọ́ńbà ìdí ọṣẹ náà ni ríṣíìtì. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fi ọgbọ́n àrékérekè gba owó ọṣẹ méjì tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyẹn kéré sí owó ìwòsàn ọmọ kan tí ojú rẹ̀ bàjẹ́.

ÌṢIRÒ OWÓ ẸNI TÓ Ń TÀ

Iye tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ni ₦500, àwọn náà sì ń tà á ní ₦600. Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá ṣírò, 41 tí kò tíì tà ló kó padà. Èyí, ₦500 lọ́nà 41 ni, ó jẹ́ ₦20,500. Nínú 19 tó ti tà, oníbàárà dá 13 padà, ó sì ti san ₦600 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ₦7,800. Ó gba ₦28,300 lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kọ́bọ̀ kò dín. Ọ̀nà méjì yìí kò gbọdọ̀ dàpọ̀: èyí tí kò tà, iye tó fi rà á ni, èyí tó san padà fún oníbàárà, iye tó san ni. Bí a bá san ₦500 fún un lórí gbogbo rẹ̀, ₦1,300 ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní ṣe ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Gbogbo èyí tó bá padà ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 54 ti dé láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, 40 láti ọjà kejì, 22 láti kíọ́sì, mẹ́sàn-án láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 125. Nínú 148 tó jáde, ó ku 23. Òmíràn lè ti tán nínú balùwẹ̀, òmíràn lè ti wọ ìlú míràn. Kò torí ìyẹn ká ọwọ́ gbera: ó tún ìkéde náà ṣe, ó sì béèrè lọ́wọ́ oníkálukú ẹni tó rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ra mẹ́fà lọ fún ìsọmọlórúkọ rọrùn láti rántí.

ÈYÍ TÓ PADÀ WÁ, NÍBO LÓ Ń LỌ?

Ọṣẹ tó padà kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú èyí tó dára. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, ó kọ "17, KÌ Í ṢE TÍTÀ" sí i lára. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o padà sí ọjà lọ́jọ́ tí ọjà bá yá.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ṣeé tún ṣe: a lè rún un, kí a yọ́ ọ lórí iná díẹ̀, kí a fi epo tó tó kún un kí sódà tó ṣẹ́ kù lè rí nǹkan jẹ. Ààbọ̀ kílò sódà yóò jẹ tó kílò mẹ́ta ààbọ̀ epo pupa. Ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, kó fún un ní nọ́ńbà tuntun, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Èyí tí ènìyàn ti fi wẹ̀ kò tún gbọdọ̀ padà sí ọjà láé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dà á sí odò tàbí gọ́tà. Ọ́fíìsì NAFDAC, tí ọṣẹ wà lábẹ́ àbójútó wọn, ni kí a bá sọ̀rọ̀ nípa bí a ó ṣe pa á run.

Òfin náà wà ńbẹ̀ o. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé ewu wà nínú ọjà tí òun ti kó jáde gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn àti fún àjọ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ́sẹ̀ kan náà, kó sì kó ọjà náà kúrò nílẹ̀. Kò yọ ẹni tó ń se ọṣẹ ní ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra ọjà náà, ẹ ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má ya ìdí páálí dànù kí ohun inú rẹ̀ tó tán, ibẹ̀ ni nọ́ńbà sábà máa ń wà. Ẹ̀yin tó ń tà á, bí wọ́n bá kó ọjà fún yín tí kò ní nọ́ńbà kankan, ẹ béèrè pé, "Bí èyí bá bàjẹ́ lọ́la, kí ni ẹ máa fi pè é?" Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí i, ẹ má gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.